₦500 Tí A Kò Mọ Olówó Rẹ̀

Bí ọlọ́jà aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn bá ń tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára, ìwé méjì ni yóò máa sọ̀rọ̀ nípa owó kan náà. Èkíní ni ìwé ìtajà, níbi tí a ti kọ ohun tí oníbàárà rà àti iye tí ó san sí. Èkejì ni ìwé ìsanwọlé, tí ilé-iṣẹ́ abánigbowó fi ń ṣàlàyé iye tí ó kó sí àkáǹtì ọlọ́jà. Ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó náà lórí káàdì tàbí láti báńkì oníbàárà, tí ó sì ń dá a jọ fún ọlọ́jà, ni à ń pè ní abánigbowó níhìn-ín. Ìwé méjèèjì kì í dọ́gba, nítorí pé abánigbowó a máa yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ kí ó tó san èyí tí ó kù. Ìṣirò ìbáramu ni fífi ìwé kan yẹ èkejì wò títí a ó fi mọ ìdí gbogbo náírà tí ó yàtọ̀, àròkọ yìí sì jẹ́ ìjẹ́wọ́ òǹkọ̀wé rẹ̀, ẹni tí ń ta fìlà ẹtù, gèlè àlàárì àti aṣọ sányán, tí ó sì fi odidi oṣù mẹ́ta ṣe ìṣirò náà lódìlódì.

Owó iṣẹ́ tí a ń yọ kí a tó sanwó kì í ṣe ohun àjèjì ní Òkè-Ògùn. Láàdá ni a ń pe irú rẹ̀ ní ọjà màlúù, níbi tí alágàátà ti ń yọ tirẹ̀ láàárín ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà, alájọ ojoojúmọ́ náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá dá ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 ti dá ₦15,500, ṣùgbọ́n ₦15,000 ni yóò gbà, nítorí pé ti ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Kò sí ìyá oníyán kan ní Ṣakí tí yóò sọ pé ₦15,000 ni òun dá. Yóò sọ pé òun dá ₦15,500, pé alájọ yọ ₦500, àti pé ₦15,000 dé ọwọ́ òun. Iye mẹ́ta tí ìyá náà mọ̀ láìka ìwé, èyí tí a san, èyí tí a yọ àti èyí tí ó wọlé, ni òǹkọ̀wé yìí, tí ó ka ìwé, sọ di ẹyọ kan.

Àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ó ń kọ iye tí ó wọlé sí àkáǹtì gẹ́gẹ́ bí iye tí ó ta ọjà. Fìlà ẹtù tí ó ta ní ₦8,000 di ₦7,780 nínú ìwé ìtajà rẹ̀, gèlè tí ó ta ní ₦22,000 sì di ₦21,570. Nígbà tí ó padà ka ìwé náà ní ìparí oṣù, ó rí i pé kò sí oníbàárà kan tí ó san iye tí òun kọ sára ọjà, ó sì gbà pé àwọn oníbàárà ti rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń bá ẹ̀rọ náà ná ọjà. Ó pe ọmọṣẹ́ rẹ̀, ó sì pàṣẹ fún un pé kí ó wá ibi tí wọ́n ti ń ná an, kí ó sì dí i. Ohun tí àṣìṣe yìí bàjẹ́ ju ẹ̀rín lọ: láàdá kò hàn níbì kan nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ìnáwó, nítorí náà ọlọ́jà kò lè mọ iye tí gbígba owó lórí ayélujára ń ná an lóṣù.

Nígbà tí a là á lóye pé láàdá ni ó fa ìyàtọ̀ náà, ó tún fi kánjúkánjú ṣubú sínú àṣìṣe kejì. Iye tí Paystack, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015 tí Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà ní 2020, kéde fún owó tí a san láàárín Nàìjíríà lè jẹ́ àpẹẹrẹ bí a ti ń ṣírò láàdá: 1.5% iye ọjà, pẹ̀lú ₦100 lórí rẹ̀. A kì í ka ₦100 náà bí owó kò bá tó ₦2,500. Àpapọ̀ láàdá lórí ìsanwó kan kò sì gbọdọ̀ kọjá ₦2,000. Irú òfin báyìí ni abánigbowó tí òǹkọ̀wé yìí ń lò náà tẹ̀lé, tí ó sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ ní kedere. Òǹkọ̀wé yìí ka 1.5%, ó sì pa ìwé dé.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, láti Ọjọ́ Ẹtì títí di Ọjọ́ Àìkú, oníbàárà mẹ́rin sanwó, gbogbo rẹ̀ sì wọlé pọ̀ ní Ọjọ́ Ajé: fìlà ₦8,000, gèlè ₦22,000, ìró àti bùbá sányán ₦180,000, àti àpò kékeré kan tí a fi àjákù aṣọ rán, ₦2,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦212,000. Òǹkọ̀wé yìí yọ 1.5% nínú àpapọ̀ náà, èyí tí í ṣe ₦3,180, ó sì ń retí ₦208,820. Ohun tí ó wọlé ni ₦209,320. Owó náà fi ₦500 lé, ẹni tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀dín ni ó ti ń wá láti oṣù kìíní kò mọ ohun tí ènìyàn ń fi èlé ṣe. Nítorí pé ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó kọ̀wé sí àwọn oníbàárà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti béèrè ẹni tí ó ṣèèṣì san ₦500 lé e. Mẹ́ta nínú wọn ni ó dáhùn pé àwọn ni. Ó fi ₦500 ránṣẹ́ sí ẹni tí ó kọ́kọ́ dáhùn, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjì yòókù.

Bí ó bá jẹ́ pé ọjà kọ̀ọ̀kan ni ó ṣírò láàdá fún, kì bá tí rí èlé kankan. Láàdá fìlà jẹ́ ₦120 pẹ̀lú ₦100, ìyẹn ₦220. Ti gèlè jẹ́ ₦430. Ti àpò kékeré, tí kò tó ₦2,500, jẹ́ ₦30 péré. Ti sányán ì bá jẹ́ ₦2,800, ṣùgbọ́n ó dúró sí ₦2,000 nítorí òdiwọ̀n. Àpapọ̀ láàdá jẹ́ ₦2,680, bí a bá sì yọ ọ́ kúrò nínú ₦212,000, ₦209,320 ni yóò kù, láìlé, láìdín. Lórí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ni a ń gba láàdá, a kì í gbà á lórí àpapọ̀ ọjọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni ìtìjú tí ó tóbi jù. Ènìyàn mẹ́wàá ra fìlà ₦5,000 kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ₦50,000. Òǹkọ̀wé yìí yọ ₦750, ó retí ₦49,250, ₦48,250 sì ni ó wọlé. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ti sọnù, ọmọṣẹ́ nìkan ni ó sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì náà yàtọ̀ sí ọ̀gá. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìwà ọmọlúàbí, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Ọmọṣẹ́ náà jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán, ó wá ṣí ìwé ìsanwọlé, ó sì ní: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ wo ìlà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. ₦4,825 ni gbogbo wọn. Olè wo ni ó ń jí ₦175 géérégé lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá?” Láàdá fìlà kọ̀ọ̀kan ni, ₦75 pẹ̀lú ₦100. Nínú ìbéèrè ọmọ náà ni òfin tí ó wúlò jù nínú ìṣirò yìí wà: àìbáramu tí ó ń padà wá ní iye kan náà lórí ọjà tí iye wọn dọ́gba sábà máa ń jẹ́ láàdá tí a ṣì ṣírò, ṣùgbọ́n èyí tí ó dá wá lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀.

Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ dé. Oníbàárà tí ó ra gèlè ₦22,000 dá a padà nítorí àwọ̀ rẹ̀, a sì fọwọ́ sí i pé kí abánigbowó dá owó rẹ̀ padà. Abánigbowó kò wá gba owó náà lọ́wọ́ ọlọ́jà; ó yọ ọ́ nínú owó tí ó fẹ́ san lẹ́yìn náà. Ọjà tí a tà lọ́jọ́ náà jẹ́ ₦15,000 àti ₦40,000, láàdá wọn jẹ́ ₦325 àti ₦700, nítorí náà ₦53,975 ni ì bá wọlé, ṣùgbọ́n ₦31,975 ni ó wọlé. Láti mú kí ìwé rẹ̀ tọ́, òǹkọ̀wé yìí pa gèlè náà rẹ́ kúrò nínú ìwé ìtajà, bí ẹni pé a kò tà á rí. Owó ọ̀sẹ̀ tí ó ti báramu tẹ́lẹ̀ wá dàrú, nítorí pé ₦21,570 inú rẹ̀ kò ní ọjà tí ó mú un wá mọ́. Ohun tí ó yẹ ni kí títà dúró sí ọjọ́ rẹ̀, kí ìdápadà jẹ́ ìlà tuntun ní ọjọ́ tirẹ̀, kí a sì fi ₦430 láàdá gèlè náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìnáwó, nítorí pé abánigbowó náà kò dá a padà.

Ọ̀nà tí ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe ni ohun tí àwọn oníṣirò lè pè ní àpò agbedeméjì, ìyẹn ojú-ìwé kan tí ó dúró fún owó tí oníbàárà ti san ṣùgbọ́n tí kò tíì dé báńkì. Odidi iye tí oníbàárà san ni a ń kọ wọ inú rẹ̀. Láàdá, owó ìdápadà àti owó tí ó wọ báńkì ni a ń kọ jáde. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí abánigbowó fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ni a sì fi ń so ìlà ìwé kan mọ́ ti èkejì. Iye owó kò tó fún un, nítorí pé ènìyàn mẹ́wàá lè ra fìlà ₦5,000 lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ ìdápadà náà, ₦55,000 wọlé. ₦1,025, ₦22,000 àti ₦31,975 jáde. Àpò náà sì ṣófo. Bí ohunkóhun bá kù nínú àpò, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tí ó ṣì wà lójú ọ̀nà, irú èyí tí a san ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ni. Àpò tí ó ṣófo kò fi hàn pé láàdá tí a yọ tọ̀nà, nítorí pé iye tí abánigbowó kọ ni a kọ tẹ̀lé e. Nítorí náà a tún gbọ́dọ̀ fi òfin láàdá yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò.

Òǹkọ̀wé yìí ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ìwé méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ìlà kan ṣoṣo ni kò tíì rí ojútùú: ₦500 tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí oníbàárà tí kò san án lé. Ọmọṣẹ́ náà kọ ọ́ sí abẹ́ ìnáwó, ó sì kọ “owó ẹ̀kọ́” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.