Ẹni Tó Ríṣẹ́ Tó Pa Fóònù

Ọmọ Yorùbá tó ń wáṣẹ́ ní Mestre, ní Ítálì, mọ ìkíni. Bó bá ń wá iṣẹ́ ìtọ́jú yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, á kí ọ̀gá láàárọ̀, á tún kí i lọ́sàn-án. Àmọ́ bí ibòmíràn bá ti gbà á, fóònù á kú, òun náà á di àwátì. Bí wọ́n bá wá a rí, ìyá àgbà tó ti kú lẹ́ẹ̀mejì á tún kú lẹ́ẹ̀kẹta.

Bẹ́ẹ̀, òfin Ítálì ní kí agbanisíṣẹ́ fi fọ́ọ̀mù UNILAV kéde òṣìṣẹ́ tuntun fún ìjọba, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá sọnù lẹ́yìn ìyẹn ti kó ìwé àtúnṣe sí agbanisíṣẹ́ náà lọ́rùn.

Kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun o; ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe owó oṣù. Lọ́jọ́ náà gan-an, kọ̀wé sí àwọn òtẹ́ẹ̀lì yòókù tí o ti wáṣẹ́ lọ: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti gba iṣẹ́ níbòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ń wá iṣẹ́ ìtọ́jú yàrá. Mo dúpẹ́ fún àkókò yín.” Fi orúkọ rẹ sí i. Má dárúkọ owó, má sì pa ìyá àgbà.

Àdéhùn tuntun yẹn lè má ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá dágbére ló lẹ́nu láti tún padà wá kí wọn pé ẹ káàárọ̀.