Ẹnu Ọmọ Wa ní Ìdí Ife Tíì

Ṣíọ̀! Ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, kí ìyá ọmọ náà má baà gbọ́ láti òdìkejì omi. Ọmọ Sáyọ́nì Pepe ni o, ọmọ Ìlàjẹ pọ́ńbélé, ọ̀kan nínú àwọn tó rìn nígbà tí Ìlú Ọba ṣí ilẹ̀kùn físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó lọ́dún 2022. Òun ni màníjà pè jókòó. Kò jalè, kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ẹnu ló kó o sí i!

Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ó ti ń ṣe é. Bí òyìnbó bá wọ yàrá ìsinmi, á ní, “Yù ọ̀ráìtì?” Ìkíni lásán ni. “Yẹ̀ẹ́, yú?” ni èsì, kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ wa ní tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, á kan owó ilé, títí tíì á fi tutù lọ́wọ́ ẹni tó kí i. Bẹ́ẹ̀, bí àwọn yẹn bá dáhùn pé “Nọ́ọ̀tì tú báàdì”, á máa kí wọn pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó bẹ aláìsàn wò, nígbà tó jẹ́ pé ara wọn le koko.

Ó bá màníjà níbi tó ti ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní, “Wẹ́ẹ̀lì dọ́ọ̀n, mà!” Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i kú iṣẹ́ kò ní ẹ̀kọ́. Àmọ́ lọ́hùn-ún, ohun tí tíṣà ń sọ fún ọmọ tó gba ìṣirò ni. Ọ̀gá gbójú sókè: “Fún kí ni?” Ọ̀kan mìíràn ti ọlidé dé, ọmọ wa pariwo pé ó ti sanra. Àdúrà lèyí jẹ́ ní etíkun wa, ṣùgbọ́n ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni obìnrin náà sá wọ̀ lọ sunkún.

Gbogbo ìyẹn, àìmọ̀ ni, Ọlọ́run á dárí jì í. Èyí tó kàn yìí kì í ṣe àìmọ̀!

Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá dìde lọ gbé omi kaná á béèrè lọ́wọ́ gbogbo yàrá bóyá wọ́n á mu tíì. Bó dọ̀la, ẹlòmíràn á se tirẹ̀. Ọmọ wa ń mu tiwọn, kò se fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí òyìnbó kan wá fi ẹ̀rín béèrè ìgbà tó máa kàn án, ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Oǹdó, ó fi Yorùbá bú obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀: bó ṣe ń rìn, bí ọkọ rẹ̀ ṣe já a sílẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Háà! Wọ́n rò pé aṣọ ìkélé ni èdè. Kí ni orúkọ obìnrin náà ń ṣe láàárín ọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹta? “Ṣífìtì” ńkọ́? “Dífọ́ọ̀sì” ńkọ́? Orúkọ ò ní Yorùbá, ojú lọ̀rọ̀ sì wà: ẹni tí a ń wò tí a fi ń rẹ́rìn-ín kò nílò ògbufọ̀. Èyí tó burú jù ni pé ọmọbìnrin onírun pupa tó ń fọ ife níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ará Ìbàdàn ni. Ó nu ọwọ́, ó ní, “Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, àǹtí mi,” ó sì lọ bá màníjà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ wa tún láyà? Ó ní òfin wà lẹ́yìn òun! Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lábẹ́ Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010, ọ̀gá tó bá ní kí òṣìṣẹ́ má sọ èdè rẹ̀ rárá nígbà ìsinmi lè jẹ̀bi ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà. Amẹ́ríkà náà ti ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1980: ọ̀gá lè ní kí a sọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí iṣẹ́ bá béèrè fún un, ṣùgbọ́n sísọ ọ́ di kànńpá láti àárọ̀ títí dalẹ́, tó fi mọ́ àkókò oúnjẹ, ìfura ńlá ni. Nítorí náà màníjà ò bi í nípa Yorùbá tó sọ. Ohun tó bi í ni pé: kí lo sọ nípa ẹlẹgbẹ́ rẹ? Òfin tó dáàbò bo èdè kò dáàbò bo èébú, ì báà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ ohùn Ìlàjẹ wa. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n kọ fún un.

Ìyá rẹ̀ wá ń kiri èbúté pé wọ́n fòfin de èdè ọmọ òun. Irọ́ gbuu! Tó bá jẹ́ pé ó fi Yorùbá béèrè iyọ̀ ni, ta ni ì bá pè é? Kó lọ gbé omi kaná, kó bu tíì fún obìnrin yẹn, kó sì tọrọ àforíjì ní Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo yàrá lè gbọ́ ọ.