Bí Mo Ṣe Kọ Orin Òkú Níbi Ìṣílé

Ẹsẹ kìíní la ṣì wà tí aládùúgbò Bàbá onílé fi gbé orí sókè lórí àwo ìrẹsì rẹ̀. Ọmọ Ìgbò ni, kò gbọ́ Yorùbá rárá, àmọ́ ó mọ ohùn orin náà. Ohùn yẹn gan-an ni wọ́n fi ń kọ ọ́ lédè tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, etí sàárè ni wọ́n sì ti ń kọ ọ́. Ó rọra fara kan ẹni tó jókòó tì í, ó bi í léèrè pé ta ló kú.

Kò sẹ́ni tó kú. Bàbá ló kọ́ ilé sí Trans-Ekulu ní Enugu níbí, lẹ́yìn ọdún 19 tí wọ́n ti ń sanwó ilé fún ẹlòmíì, a sì wá bá wọn ṣí i. Èmi akọ̀wé ìjọ ni mo dá orin. Atọ́ka tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ló sọ fún mi pé orin 131, orin ìṣílé ni. Nígbà tí a dé ẹsẹ kẹta, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan erùpẹ̀, Ìyá onílé bọ́ gèlè wọn sílẹ̀, wọ́n sì wọ yàrá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọ wa ò tó nǹkan. Àwa Yorùbá tí iṣẹ́ gbé wá sí Enugu la pọ̀ jù níbẹ̀, kálukú ló sì gbé ìwé orin ìlú rẹ̀ dání. Ẹni tó ti Abẹ́òkúta wá ní tirẹ̀, ará Iléṣà ní tirẹ̀, nọ́ńbà wọn ò sì bára mu. A wá ṣa orin 212 jọ sínú ìwé kan ṣoṣo, a fún wọn ní nọ́ńbà tuntun, ni a ò bá tún rí orin kankan mọ́. Pásítọ̀ ní, “Akọ̀wé, bá wa ṣe atọ́ka.” Mẹ́ta ni wọ́n fẹ́: èyí tó lọ nípa kókó orin, èyí tó lọ nípa ìlà kìíní, àti èyí tó lọ nípa ẹsẹ Bíbélì tí orin ti yọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò.

Kókó ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí mo rò pé òun ló rọrùn jù. Ìlà kìíní nìkan ni mo ń kà, tí mo bá ti rí ọ̀rọ̀ tó ṣe gúnmọ́, mo ti rí kókó nìyẹn. Orin tó dárúkọ òru, mo kó o sábẹ́ ìsìn alẹ́. Orin Kérésìmesì ni. Orin tó dárúkọ omi, mo sọ ọ́ di orin ìrìbọmi. Ìjì lójú òkun ló ń sọ, àti bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ rì. Ẹ fojú inú wo ọmọ tí wọ́n fẹ́ rì bọmi tó ń gbọ́ ìyẹn. Orin 131 wá dárúkọ ilé. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n ka orin náà tán, pàápàá ẹsẹ tó kẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni orin ìsìn sábà máa ń gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ sí. Bí mi ò bá tilẹ̀ lè kà á tán, ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀ ìbá là mí lójú. 2 Kọ́ríńtì 5:1 ni. Pọ́ọ̀lù ló ń sọ níbẹ̀ pé bí àgọ́ ara yìí bá wó, Ọlọ́run ní ilé mìíràn fún wa lókè. Ilé tí Bàbá fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì kọ́ kọ́ ni Pọ́ọ̀lù ń wí.

Mi ò sì lè rí ẹsẹ náà mọ́ nínú atọ́ka mi nígbà yẹn, torí èmi náà ni mo bà á jẹ́. Inú Excel ni mo ń tẹ gbogbo rẹ̀ sí. Bí mo ṣe tẹ 5:1, ó rò pé aago ni mo ń sọ, ó sọ ọ́ di 5:01. Mo bínú, mo ní kó yí gbogbo òpó náà padà sí ọ̀rọ̀ lásán, ló bá gbé 0.209 àti ọ̀pọ̀ nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀ jáde. Ìdámélòó ọjọ́ ni aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú kan, òun ló ń ṣírò fún mi. Mo sáré dá a padà sí 5:01, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀. Màmá kan nínú ìjọ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Akọ̀wé, ṣé ìdájí ni ká máa jí ka Kọ́ríńtì ni?”

Nígbà tí mo tún un ṣe, òpó mẹ́ta ni mo pín in sí: nọ́ńbà ìwé nínú Bíbélì, orí, àti ẹsẹ. Kọ́ríńtì Kejì ni ìwé 47, nítorí náà 47, 5 àti 1 ni mo tẹ̀. Kò sí àmì aago láàárín wọn mọ́, àwọn ìwé sì tò bí wọ́n ṣe tò nínú Bíbélì. Tẹ́lẹ̀, Ìfihàn ti ṣáájú Jẹ́nẹ́sísì, torí pé Ì ṣáájú J.

Ìlà kìíní ló wá fẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣàmì sí òpó ìlà kìíní nìkan, mo tẹ `Sort`. Ó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, mo mú `Continue with the current selection` láìkà á. Àwọn ìlà tò dáadáa o, àmọ́ nọ́ńbà wọn ò bá wọn lọ; ìlà orin kan ló wà níwájú nọ́ńbà orin mìíràn. Orin 212 ni mo tún fọwọ́ tò padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí i pé ẹ̀rọ náà ò mọ a, b, d. Ó da E pọ̀ mọ́ Ẹ, ó da O pọ̀ mọ́ Ọ, ó sì gbé “Gbogbo” ṣáájú “Gíga”, bẹ́ẹ̀ Gb lẹ́yìn G ló wà lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn orin àtijọ́ tún ń kọ “aiye”, àwọn tuntun tó tẹ̀ lé àkọtọ́ ọdún 1974 ń kọ “ayé”, wọ́n sì jìnnà síra. Z ló yọ mí. A ò ní z ní Yorùbá, òun ló sì kẹ́yìn lójú ẹ̀rọ. Mo dá òpó kan sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹnì kankan ò ní rí, mo yọ àmì ohùn kúrò níbẹ̀, mo kọ “aiye” sí “aye”, mo sì kọ àwọn lẹ́tà tiwa báyìí:

```
ẹ = ez    ọ = oz
ṣ = sz    gb = gz
Gbogbo = gzogzo
```

Òpó yẹn ni mo fi tò ó, pẹ̀lú gbogbo òpó yòókù lẹ́yìn rẹ̀. “Gíga” ṣáájú “Gbogbo”, gbogbo E tán kí Ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo tún fi ìlà kìíní ègbè kún un, torí àwọn màmá wa ò mọ orin nípa ẹsẹ. Ègbè ni wọ́n mọ̀.

A ti tẹ ẹ̀dà kejì. Orin 131 ti wà lábẹ́ ìsìnkú. Lọ́jọ́ tí a pín in, Bàbá gba tiwọn, wọn ò wo ẹ̀yìn ìwé, wọn ò wo iwájú. Abẹ́ ìṣílé ni wọ́n ṣí lọ tààrà, wọ́n fi ìka tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀, wọ́n wá pa ìwé dé, wọ́n ní, “Ó dáa. Àmọ́ o ò ní dá orin nílé mi mọ́.”