Ewé Kan Ṣoṣo Lórí Fóònù Ìyá Ìbejì

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ewé ẹ̀yìn kànga wa fún yín. Ẹ kúkú mọ Ìyá Ìbejì, ẹni tí kì í rí ẹ̀ka igi lọ́wọ́ èèyàn kó má tọrọ. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí àwa ń ya fọ́tò àwọn ẹlẹ́ṣin, tí régbérégbé ń dán yanran nínú aṣọ ẹgbẹ́, ṣé ẹ mọ ohun tí obìnrin yìí gbé wálé nínú báàgì tó bá léèsì rẹ̀ mu? Ẹ̀ka igi! Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wá láti Èkó ló fún un. "Ẹ̀fọ́ Ìyànà Ìpájà ni," bẹ́ẹ̀ lọ̀rẹ́ wí, ó sì ti wọ mọ́tò lọ.

Igi hù, ó ga ju ògiri balùwẹ̀ lọ. Ni Ìyá Ìbejì bá já ewé kan, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó jù ú sórí Wasáàpù ilé wa: "Ewé wo rèé o? Mo fẹ́ fún omi rẹ̀ mu, fún ẹ̀jẹ̀."

Yéè! Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ fèsì: pákí ni. (Ẹ má dá wọn lóhùn o. Gbogbo ewé tó bá ti ní ìka, pákí ni lójú wọn. Ìyàwó wọn ní wọ́n tiẹ̀ bu gààrí sínú tíì nígbà kan, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Ìyá Alágbo ní làpálàpá ni. Ẹnì kan ní lára, ẹlòmíràn ní ìbẹ́pẹ. Ta ló sì parọ́ nínú wọn? Ewé oníka bí àtẹ́lẹwọ́ ni gbogbo wọn ní.

Tíṣà, àbúrò ọkọ mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì, ló dá wọn dúró. Ẹ mọ̀ pé Tíṣà kì í kánjú. Bó bá fẹ́ ra ẹja lọ́jà Òkè-Ajé, á ṣí ìjàgbọ̀n gbogbo ẹja tó wà lórí àtẹ títí alẹ́ja á fi máa bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mu nǹkan kan. Ẹ ya odindi igi náà, kí Táyé dúró tì í kí n lè mọ bó ṣe ga tó. Ẹ ya ẹ̀yìn ewé, níbi tí ọ̀pá rẹ̀ ti so mọ́ ọn. Ẹ gé ọ̀pá kan, kẹ́ ẹ ya omi tó bá jáde lórí láílọ́ọ̀nù dúdú."

Fọ́tò dé. Igi ti yọ ẹ̀ka jáde láti ìsàlẹ̀. Ìbẹ́pẹ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ìbẹ́pẹ jáde. Ọ̀pá ewé lára máa ń wọ inú ewé bí igi agbòòrùn. Ti èyí so mọ́ etí ewé, lára náà jáde. Omi igi tiwa wá funfun bíi wàrà. Omi làpálàpá máa ń ṣàn gẹrẹrẹ ni, bó bá gbẹ sára aṣọ, á di àbàwọ́n tí ọṣẹ kì í bó. Làpálàpá náà jáde. Inú Bàbá Lánlọ́ọ̀dù dùn, torí omi pákí náà funfun! Tíṣà ní kí wọ́n tún wo ẹ̀yìn ewé: ìka pákí pínyà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí, ti èyí pínyà dé ìdajì lásán, kókó kékeré kan sì wà níbi tí ọ̀pá ti pàdé ewé.

"Ó ku òdòdó," ni Tíṣà wí. A dúró ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tó tanná, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ ni, ó ṣùjọ sórí ọ̀pá gígùn tó yọrí sókè ewé.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn, torí ọ̀rẹ́ Èkó ò parọ́. Igi méjì ni àwọn èèyàn ń pè ní Ìyànà Ìpájà. Ọ̀kan jẹ́ ìbátan làpálàpá, òun ni wọ́n ń pè ní ọsibítù-tuu-fáà, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ mu fún ẹ̀jẹ̀. Òdòdó tiẹ̀ kì í funfun báyìí. Èkejì ni ṣáyà, tó ti ìhà Mẹ́síkò wá, òun ló wà lẹ́yìn kànga wa. Irú májèlé tó wà nínú pákí tútù wà nínú rẹ̀, kò ṣeé mu ní tútù rárá. Ẹ ó bọ̀ ọ́ ni, ìṣẹ́jú 20, kí ìkòkò wà ní ṣíṣí.

Ìyá Ìbejì bá di orí mú: "Áà! Òun ló ṣe ń yún mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo já a!" Irun wẹ́wẹ́ tó ń jóni wà lára ṣáyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé fọ́tò lè yún àwa tí à ń wò ó ni?

Ó ti fi se ẹ̀gúsí báyìí, ó sì bu tèmi wá. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù jẹ àwo méjì, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní pákí náà dùn.