Lẹ́tà Olóògbé

Oṣù kejì ọdún 2025 ni mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ ike n'Ìbàdàn. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣe ìwé owó wọn. Mo dáhùn dáadáa, ọ̀gá kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì. Màmá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "A máa pè yín." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì sílẹ̀.

Oṣù kẹta lọ, oṣù kẹrin lọ, ẹnikẹ́ni ò pè. Ìyàwó mi ní kí n kọ̀wé sí wọn, mo ní ẹni tó bá fẹ́ni ló ń wáni. Ìgbéraga lásán ni. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, tí owó ilé-ìwé ọmọ kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbéraga kó ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n mú iná dé lóru ọjọ́ kan, mo jókòó ti fóònù. Aago kan ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Abẹ́ ímeèlì tí wọ́n fi pè mí ló yẹ kí n ti dáhùn, kí wọ́n lè rí ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá. Tuntun ni mo ṣí. Níbi àkọlé, mo fẹ́ sọ pé mo ń rán wọn létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó túmọ̀ sí "ìrántí" ló sọ sí mi lọ́kàn, èyí tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sórí kàlẹ́ńdà òkú. Mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, mo sì fi orúkọ mi àti ti bàbá mi tẹ̀ lé e.

Inú lẹ́tà náà tún burú ju àkọlé lọ. Mo ní: "Ó dá mi lójú pé ẹ ti gbàgbé mi. Mo ti dákẹ́ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n mi ò lè sinmi títí n ó fi gbọ́ lọ́dọ̀ yín." Ó gùn tó ojú ìwé kan àtààbọ̀. Mi ò dárúkọ iṣẹ́ tí mo ń bèèrè, mi ò dárúkọ ọjọ́ tí mo wá, mi ò kọ nọ́ńbà fóònù, nítorí mo gbà pé ó wà lórí síífíì mi. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bèèrè bóyá àyè náà ṣì ṣófo.

Ọjọ́ kẹta ni èsì dé, gbólóhùn kan péré: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lo ímeèlì yìí?"

Inú bí mi. Mo fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́, mo ní èmi náà ni. Màmá pè mí, ohùn wọn ń gbọ̀n díẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin gan-an ni?"

"Èmi ni, mà."

"Wọ́n ní ẹ ti kú."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè mí nínú oṣù kẹta láti fún mi níṣẹ́. Ọkùnrin kan ló ń gbé e, ó sì ń ṣàlàyé fún wọn pé mo ti ṣaláìsí. Ọ̀gá tó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi ní kí gbogbo wọn dìde fún ìṣẹ́jú kan.

Ọdún 2021 ni mo kọ síífíì náà. Mo pa síìmù orí rẹ̀ tì lọ́dún 2022. Bí èèyàn ò bá lo síìmù fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tì í pa. Bó bá tún pé oṣù mẹ́fà sí i, wọ́n lè tà á fẹ́lòmíì. Mo mọ èyí o. Ṣùgbọ́n ímeèlì ni wọ́n fi pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, n kò rí ohun tó máa rán mi létí àṣìṣe mi.

Ẹni tó ṣe ìkejì ni wọ́n gbà. Màmá ní ká ní mo kọ ìlà mẹ́ta péré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí n sọ iṣẹ́ tí mo wá fún, ọjọ́ tí mo wá, àti ìbéèrè mi, èmi ni ǹ bá wà lórí àga náà. Wọ́n ní ká tilẹ̀ ní mo kọ ọ́ nínú oṣù kẹfà, ó ṣì lè dára, nítorí oṣù mẹ́ta ìdánwò ni wọ́n fún ẹni tuntun, àwọn kan sì máa ń sá lọ kó tó pé. Èyí kò sá lọ. Oṣù keje ni wọ́n fún un níwèé pé ó ti di òṣìṣẹ́ wọn pátápátá.

Mo pe nọ́ńbà mi àtijọ́. Kí n tó kí ọkùnrin náà tán, ó ní, "Ẹ ẹ̀ jẹ́ kí òkú ọlọ́run sinmi ni?"

"Ọ̀gá, èmi ni òkú náà."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ san owó àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Wọn ò jẹ́ n sùn. Ìdí tí mo fi pa yín nìyẹn."

Náírà 8,500 ni. Mo ti san án, mo sì ti yí nọ́ńbà orí síífíì mi padà.