ANTISEX Kò Ríbi Jókòó

Baba Agbọ̀ràn, ẹ gbà mí o. Ìyàwó mi ń nà mí nínú ayò Sikirábù ní Mápó níbí. Lálẹ́ àná, A, N, T, I, S, E àti X ló wà lọ́wọ́ mi. Mo tò ó, mo tún un tò, mo rí ANTISEX. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù ti kún bí Ọjà'ba lọ́jọ́ ọdún ku ọ̀la. Ẹ̀gbẹ́ RAT kan lókè lápá òsì ló kù tó ṣí díẹ̀.
— Baálé Ilé

Baálé Ilé, o tiẹ̀ láyà. Alẹ́ lo fẹ́ tẹ́ ANTISEX síwájú ìyàwó rẹ? Lẹ́tà kan náà ló wà nínú SEXTAIN, ewì onílà mẹ́fà, ìyẹn ò sì lè dá ìjà sílẹ̀. Máàkì 14 ni èyíkéyìí nínú wọn, pẹ̀lú 50 tí wọ́n ń fi ta ẹni tó lo ọmọ méjèèje lọ́rẹ: 64.

Mo mọ̀ pé o ti ń wo S. Ó lè lẹ̀ mọ́ RAT kó di RATS, kí SEXTAIN gbabẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí o júwe yẹn, orí ìràwọ̀ àárín bọ́ọ̀dù ló máa já lé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sì ti jókòó síbẹ̀ tipẹ́.

Gbàgbé ọ̀rọ̀ gígùn. Wo ojú tó wà nísàlẹ̀ A inú RAT: ó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta. Fi X síbẹ̀, kí I wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ T. XI ti jáde ní ìbú, AX àti TI jáde lóòró. X tó jẹ́ 8 ti di 24, ẹ̀ẹ̀mejì la sì kà á: XI 25, AX 25, TI 2. Ọmọ méjì péré, máàkì 52! A, N, T, S, E ṣì wà lọ́wọ́ rẹ fún ìjà tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú tó ń dí ojú ọ̀nà mọ́ alátakò ni wọ́n mọ àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ́. Wellington Jighere gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Perth lọ́dún 2015, FELTY, lẹ́tà márùn-ún, sì wà lára ohun tó fi ṣẹ́gun.

Tí ìyàwó rẹ bá ní XI kì í ṣe ọ̀rọ̀, jẹ́ kó pè é lẹ́jọ́. Má rẹ́rìn-ín títí yóò fi ṣí ìwé.

*

Baba, àbúrò mi tẹ́ NAIRA. Mo ní owó wa kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí n lọ jókòó. Ẹ dá a.
— Ọmọ Bẹẹrẹ

Lọ jókòó lóòótọ́. NAIRA wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ ayò náà, KOBO náà sì wà ńbẹ̀. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé máàkì 5 ni NAIRA, 10 ni KOBO. Láti Bẹẹrẹ dé Bẹyẹrunká, kò tún síbòmíì tí kọ́bọ̀ ti ju náírà lọ. Bó bá tún tẹ́ ẹ, yìn ín dáadáa, kí o wá fi S tìrẹ kan ìdí rẹ̀, kó di NAIRAS. Gbogbo máàkì ọ̀rọ̀ náà ti wọ àpò rẹ nìyẹn, pẹ̀lú ti ọ̀rọ̀ tí o bá fi S ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ lóòró.