Páálí Tí Ìyá Aláta Jókòó Lé

Ímeèlì tí mo kọ́kọ́ kọ sí àwọn tó ta àwo tánganran fún mi láti Ṣáínà gùn ju ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀ lọ. Mo ro ẹjọ́ níbẹ̀ gan-an ni: bí oníbàárà mi ṣe dójú tì mí ní Ìdúmọ̀tà, bó ṣe jẹ́ owó àjọ ni mo fi ra ọjà, bí Ọlọ́run kò ṣe ní í gbàgbé ẹni tó bá rẹ́ni jẹ. Mo ní kí wọ́n dá gbogbo owó páálí 40 padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí mi ò fi síbẹ̀ ni nọ́ńbà ọjà.

Èsì arábìnrin tó ń bójú tó wa lọ́hùn-ún kò ju ìlà méjì lọ. Ó kí mi. Ó ní kí ni nọ́ńbà ọjà náà, àwo mélòó ló fọ́, nínú páálí wo, kí n sì ya fọ́tò páálí náà níta, ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí n tó ya inú rẹ̀.

Páálí kẹ̀? Èwo ni ti páálí nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àpáàdì ni mo ní, ó kún àpò ìrẹsì kan, àpò yẹn ni mo sì ya fọ́tò rẹ̀. (Nínú ìbínú, fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ó ní ọmọ náà rẹwà.) Páálí mẹ́fà tí mo ti tú, mo ti tà wọ́n fún àwọn tó ń ra páálí, mo sì ti fi owó rẹ̀ jẹ ẹ̀kọ.

Àṣé páálí gan-an ni ẹlẹ́rìí. Bí igun rẹ̀ bá ti rún, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wọnú, a jẹ́ pé ojú ọ̀nà ló ti fara gbọgbẹ́: wọ́n to ẹrù tó wúwo lé e nínú kọ̀ntẹ́nà, tàbí wọ́n jù ú mọ́lẹ̀ ní èbúté. Bí páálí bá wà digbí níta tí àwo sì fọ́ nínú, ẹni tó dì í ni kò dì í re. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tí yóò sanwó, nítorí lẹ́tà mẹ́ta kan wà lórí ìwé owó ọjà mi tí n kò kà sí: FOB. Ìyẹn ni pé gbàrà tí ẹrù bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ṣáínà, ewu tó bá ṣe é lọ́nà di ti ẹni tó rà á. Èmi nìyẹn. Mi ò sì san owó adójútòfò. Mo ní ó ti wọ́n jù.

Mo wá páálí kiri ọjà. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí, lábẹ́ ìdí ìyá aláta kan.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dìde díẹ̀. Ọjà mi ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọjà ta ni? Mo ra tèmi ni o."

Ìlọ́po iye tí mo tà á ni mo fi rà á padà. Mo ya ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fi ránṣẹ́ tayọ̀tayọ̀. Èsì dé: páálí yìí ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dájú pé nǹkan tó wúwo gidigidi ló gùn ún. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ máa ṣàlàyé ìyá aláta fún ará Ṣáínà?

Ọmọ tó ń bá mi tajà ló yọ mí. "Ọ̀gá, ṣé gbogbo páálí la ti tú ni?" Rárá, ó ṣì kù ní sítọ́ọ̀. A ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń mì wọ́n jẹ́jẹ́ sétí. Mẹ́ta dún ṣaworo. Igun wọn pé, téèpù wọn kò já. Ọmọ náà gbé fóònù, ó ń ya fídíò láìdáwọ́ dúró: nọ́ńbà ara páálí, ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀bẹ tó ń la téèpù, lẹ́yìn náà inú. Ibẹ̀ ni àṣírí tú. Ìlà òkè ní ewé páálí láàárín àwo kan sí èkejì. Ìlà ìsàlẹ̀ kò ní nǹkan kan. Àwo ń gbá àwo, etí wọn sì dúró lórí ìsàlẹ̀ páálí lásán. A ka èyí tó fọ́: 41.

Ímeèlì tí mo wá kọ lọ́tẹ̀ yìí kò gba àyè: nọ́ńbà ọjà, nọ́ńbà páálí mẹ́ta, àwo 41 ní sẹ́ǹtì 80 ọ̀kọ̀ọ̀kan, dọ́là 32.80, fídíò rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a padà. N kò dárúkọ Ọlọ́run rárá. Wọ́n gbà. Ti páálí mẹ́fà ìjelòó, mo ti bá ẹ̀kọ gbé e mì.

Arábìnrin náà ní bí òun bá fi dọ́là 32.80 gba báńkì, báńkì ni yóò jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ṣé kí òun kúkú yọ ọ́ nínú owó ọjà tó ń bọ̀. Mo ní kó yọ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ju páálí kan mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí wọ́n tó di ìyókù: ẹ̀ẹ̀kan lórí igun, ẹ̀ẹ̀mẹta lórí etí, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí páálí bá ti ń balẹ̀ ni mo ń ké "Yéè!", tí mo ń di àyà mú.

"Ọ̀gá," ni ọmọ náà wí, "ẹ fara balẹ̀. Kò tíì wọ ọkọ̀. Tiwọn ṣì ni."